Síìmù Méjì, WhatsApp Méjì: Ìtàn Bí Ìlékúrò Ṣe Bẹ̀rẹ̀ àti Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Padà

Ṣàngó-Ọ̀tà kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ òru bá ń jáde láti ilé-iṣẹ́ wọn ní ìdájí, àwọn ti òwúrọ̀ ti ń tò wọlé. Ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ lórí ọ̀nà Abẹ́òkúta yóò já èrò sílẹ̀ lábẹ́ afárá, àwọn mìíràn yóò sì ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ Ìdí-Ìrókò. Ní irú ìlú báyìí, tí ọ̀gá ẹni lè wà ní Ìkẹjà, kí oníbàárà wà ní Ìfọ̀, kí àwọn òbí sì wà ní Ìlaròó, nọ́ńbà fóònù kan kì í sábà tó ènìyàn. Inú àìtó nọ́ńbà kan yìí ni ìtàn tí a fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí lónìí kò ju ìkìlọ̀ kan lójú fóònù lọ, èyí tó ń sọ fún wọn pé a ti lé wọn kúrò lórí WhatsApp.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká ti GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ènìyàn ti rí i pé ìpè láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn wọ́n ju ìpè láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lọ, àti pé èyí tó ń mú dáadáa ní ojú pópó lè kú pátápátá nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi páànù bò. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ra síìmù kejì. Àwọn kan ń gbé fóònù méjì káàkiri, àwọn mìíràn ń yọ síìmù kan kí wọ́n tó ki èkejì bọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ Tecno, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, mọ àìní yìí dunjú. Fóònù olójú síìmù méjì tí owó rẹ̀ kò ga ju ara lọ ni wọ́n gbé wọ ọjà ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì tà bí ẹ̀wà gbígbóná. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà: nọ́ńbà kan fún iṣẹ́, nọ́ńbà kan fún ilé.

WhatsApp kò mọ àṣà yìí rárá. Jan Koum àti Brian Acton, tí àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ ní Yahoo, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, ó sì dé orí Android ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé e lé ni pé nọ́ńbà fóònù ẹni ni orúkọ ẹni. Kò sí ọ̀rọ̀ àṣírí tí a ó máa há sórí bí ti 2go, kò sí PIN tí a ó máa kọ fún ara wa bí ti BBM. Ọ̀nà yìí rọrùn, ó sì wà lára ohun tó mú kí WhatsApp borí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni pé fóònù kan ní nọ́ńbà kan, nọ́ńbà kan sì ní WhatsApp kan. Ẹni tó ní síìmù méjì nínú fóònù rẹ̀ ní láti yan èyí tí yóò sọ̀rọ̀, kí èkejì sì yadi.

Àwọn tó kọ́kọ́ tú WhatsApp palẹ̀ kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ síìmù méjì nìkan kọ́ sì ni wọ́n ń lé. Ní ọdún 2012, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì kan tí a mọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ sí Rafalete gbé ohun tó pè ní WhatsApp+ jáde. Ó mú áàpù ojúlówó, ó ṣí i wò nínú, ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ó fi àwọn ohun tí òun fẹ́ kún un, ó sì dì í padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni OGWhatsApp dé, òun ló sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Gbogbo áàpù orí Android ló ní orúkọ abẹ́nú kan tí fóònù fi ń dá a mọ̀, ti WhatsApp ojúlówó sì ni `com.whatsapp`. Bí ẹnìkan bá yí orúkọ abẹ́nú yìí padà, fóònù yóò gbà pé áàpù mìíràn pátápátá ni, yóò sì jẹ́ kí méjèèjì jọ gbé inú ilé kan náà. Ojúlówó gba síìmù kìíní, ẹ̀dà àtúnṣe gba ìkejì. GBWhatsApp, tí orúkọ abẹ́nú tirẹ̀ ń jẹ́ `com.gbwhatsapp`, gba ipò lọ́wọ́ OGWhatsApp, ó sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. FMWhatsApp àti YoWhatsApp jẹ́ àbúrò rẹ̀.

Kò sí èyíkéyìí nínú wọn ní Play Store. Láti orí fóònù dé orí fóònù ni wọ́n ti ń rìn. Ọ̀rẹ́ á fi Xender tàbí Bluetooth fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ẹni tó gbé fóònù lọ tún ṣe á bẹ alátùn-únṣe pé kó bá òun fi í sí i. Nígbà tí owó dátà ṣì gbowó lórí gan-an, fáìlì tí ènìyàn rí gbà láìná kọ́bọ̀ jẹ́ ohun ìdùnnú. Bí wọ́n sì ṣe gbà á nítorí síìmù kejì, wọ́n bá àwọn adùn mìíràn nínú rẹ̀: àwọ̀ dúdú tí kì í ta ojú, àǹfààní láti ka ọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ̀, láti fi ara pamọ́ nígbà tí a bá wà lórí áàpù, àti láti máa ka ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ ọ́ ti pa rẹ́. Ó yẹ ká sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe ọ̀daràn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lò ó. Oníṣòwò ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ WhatsApp.

Ìlékúrò ńlá àkọ́kọ́ wáyé ní oṣù Kìíní ọdún 2015. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù náà, àwọn tó ń lo WhatsApp+ ṣí fóònù wọn, wọ́n sì bá aago kan tó ń kà sẹ́yìn láti wákàtí 24. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń wọlé, kò sí èyí tó ń jáde. Facebook ti kéde ní oṣù Kejì ọdún 2014 pé òun yóò ra WhatsApp ní iye bílíọ̀nù 19 dọ́là, ọjà olówó gọbọi bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí a ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tún rán bó ṣe wù ú. Lẹ́tà àwọn agbẹjọ́rò tẹ ẹni tó ṣe WhatsApp+ lọ́wọ́, ó sì ti ìdí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìyà náà kò ju ọjọ́ kan lọ. Wọ́n fara dà á, aago kà tán, wọ́n sì padà sídìí ohun tí wọ́n ń lò. GBWhatsApp tilẹ̀ tún gbilẹ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà náà.

Ní ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ yí padà. WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tó ń lo GBWhatsApp àti WhatsApp Plus ní ìlékúrò onígbà díẹ̀, ó sì fi kún un pé ẹni tó bá tún padà sídìí wọn lẹ́yìn ìyẹn lè pàdánù àkáǹtì rẹ̀ títí ayé. Ó ṣe àlàyé lórí ojú-ewé ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ bí ènìyàn ṣe lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú GBWhatsApp wá sínú ojúlówó. Èyí yẹ fún àkíyèsí. Ilé-iṣẹ́ tó lé ènìyàn jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tún ń fi ẹnu ọ̀nà iwájú hàn án, nítorí pé áàpù ni ó ń bá jà, kì í ṣe ẹni tó ni nọ́ńbà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Gbogbo áàpù Android ni ẹni tó ṣe é máa ń lu òǹtẹ̀ sí kó tó gbé e jáde. Òǹtẹ̀ yìí dà bí èdìdì ọba lórí ìwé: ẹlòmíràn lè da ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kọ, ṣùgbọ́n kò ní èdìdì náà lọ́wọ́. Ẹni tó bá tú WhatsApp palẹ̀, tó tún un ṣe, kò lè fi òǹtẹ̀ WhatsApp dì í padà, tirẹ̀ ni yóò lù sí i. Nítorí náà, ẹ̀dà àtúnṣe ní láti máa purọ́ fún ilé-iṣẹ́ náà nípa ẹni tó jẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wọlé, irọ́ náà sì máa ń gbó. Bí WhatsApp bá yí ìbéèrè ẹnu ọ̀nà padà, ẹni tó ṣe ẹ̀dà àtúnṣe yóò sáré tún irọ́ rẹ̀ ṣe, ìyẹn ni ìdí tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ sára ẹ̀dà tuntun kọ̀ọ̀kan pé a kò lè lé ẹni tó bá ń lò ó. Títí di ọjọ́ tí ìbéèrè bá tún yí padà ni.

Òǹtẹ̀ yìí kan náà ló fà á tí ẹ̀dà àtúnṣe kì í fi í lè tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹni sí Google Drive bí ojúlówó ṣe ń ṣe. Inú fóònù nìkan ni àpamọ́ wà. Bí fóònù bá bọ́ sómi, tàbí tí ènìyàn bá sáré pa áàpù náà àti àwọn fáìlì rẹ̀ rẹ́ nígbà tó rí ìkìlọ̀, ohun tó lọ ti lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ewu mìíràn tó burú ju ìlékúrò lọ yọjú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ààbò ní ilé-iṣẹ́ Kaspersky kéde pé wọ́n bá áàpù olóró kan tó ń jẹ́ Triada nínú FMWhatsApp, ẹ̀dà 16.80.0. Nítorí pé ènìyàn ti gba áàpù náà láyè láti ka ọ̀rọ̀ SMS, ohun olóró náà lè forúkọ ẹni sílẹ̀ fún iṣẹ́ olówó, kó sì ka kóòdù ìfọwọ́sí rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tó ni fóònù mọ nǹkan kan àfi pé owó ìpè rẹ̀ ń pòórá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Kaspersky tún bá irú rẹ̀ nínú YoWhatsApp, ẹ̀dà 2.22.11.75. Èyí ń jí àwọn kọ́kọ́rọ́ tí WhatsApp fi ń dá ẹni mọ̀, àwọn tó bá sì ní kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ lè lo àkáǹtì olóhun. Ìpolówó inú Snaptube, áàpù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń gba fídíò, wà lára ohun tí wọ́n fi tan YoWhatsApp yìí kálẹ̀. Ní oṣù kan náà, Meta, bí Facebook ṣe ń jẹ́ nísinsìnyí, gbé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lo orúkọ HeyMods àti HeyWhatsApp lọ sí ilé ẹjọ́ ní San Francisco, pẹ̀lú ẹ̀sùn pé wọ́n ti fi áàpù wọn jí àkáǹtì tó lé ní mílíọ̀nù kan.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá rí ìkìlọ̀ lójú fóònù rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ irú ìkìlọ̀ tó jẹ́, nítorí oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù ni èyí tó sọ pé ojúlówó WhatsApp ni ó yẹ kí ènìyàn fi wọlé. Kò tíì sí ìlékúrò níbẹ̀, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ áàpù náà. Èkejì ni èyí tó ní aago tó ń kà sẹ́yìn, ìlékúrò onígbà díẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹta sọ pé àkáǹtì náà kò láṣẹ láti lo WhatsApp mọ́, a sì máa ní ibi tí wọ́n kọ `Request a review` sí. Ìyẹn ni ìlékúrò pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ adìyẹ lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ṣe àpẹẹrẹ. Ojúlówó ni ó fi ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ lórí síìmù kìíní. GBWhatsApp ló fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sin adìyẹ lórí síìmù kejì. Iye àpò tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí owó, àwòrán ìwé ẹ̀rí ìsanwó, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, aago ìkìlọ̀ hàn lórí GBWhatsApp rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó lè bà á jẹ́ ni ìbínú, kó pa áàpù náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èkejì ni kó sáré wá ẹ̀dà àtúnṣe mìíràn tí wọ́n ní kò ṣeé lé. Ohun tó tọ́ ni kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí aago yóò fi kà tán.

Nígbà tí aago bá kà tán, kó ṣí GBWhatsApp, kó wọ `Settings`, kó tẹ `Chats`, lẹ́yìn náà `Chat backup`, kó sì tẹ `Back up`. Èyí ni yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ sínú fáìlì kan lórí fóònù. Àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí máa ń ṣe àpamọ́ fúnra wọn ní aago méjì òru gẹ́gẹ́ bí ojúlówó, nítorí náà, bí ìlékúrò pátápátá bá tilẹ̀ wáyé kó tó rí ojú áàpù náà, àpamọ́ ti òru àná sábà máa ń wà nílẹ̀. Àwọn oníbàárà tí gbèsè wọn pọ̀ jù, kó lo `Export chat` fi ọ̀rọ̀ tiwọn ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí kíkó ọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀dà àtúnṣe kì í yọrí nígbà gbogbo, WhatsApp kò sì fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀.

Ibi tó kàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣubú. Ojúlówó kì í wá inú fódà tó ń jẹ́ GBWhatsApp. Fódà tó ń jẹ́ WhatsApp ni ó ń wá. Lórí fóònù tó ń lo Android 11 tàbí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó ṣí áàpù tí wọ́n ń pè ní `Files`, kó sì wá ibi tí GBWhatsApp kó ẹrù rẹ̀ sí:

```
Android/media/com.gbwhatsapp/GBWhatsApp
```

Ó fẹ́ kí ẹrù náà wà níbí:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp
```

Ṣùgbọ́n ẹbí ti ń gbé inú ojúlówó tó wà lórí fóònù rẹ̀, nọ́ńbà kìíní ló sì ni ín. Bó bá kó fódà náà lé orí èyí tó wà níbẹ̀, yóò da ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì rú. Nínú ọ̀ràn tirẹ̀, ohun tó rọrùn jù ni WhatsApp Business, tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde ní ọdún 2018. Ojúlówó ni òun náà, orúkọ abẹ́nú tirẹ̀ sì yàtọ̀, nítorí náà ó lè gbé ẹ̀gbẹ́ èkejì láìjà. Kó gbà á láti Play Store, kó má tíì ṣí i. Kó da fódà GBWhatsApp kọ (kó dà á kọ ni, kó má gbé e kúrò) sínú fódà tó ń jẹ́ `com.whatsapp.w4b`, kó sì yí orúkọ ẹ̀dà náà padà sí `WhatsApp Business`. Bí fódà `com.whatsapp.w4b` kò bá sí nílẹ̀, kó ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní ju ẹ̀dà àtúnṣe nìkan lọ kò nílò ìdààmú yìí: `com.whatsapp` àti `WhatsApp` ni tirẹ̀.

Nínú fódà yìí ni `Databases` wà, nínú èyí tí fáìlì ọ̀rọ̀ wà, tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ `msgstore.db.crypt14`. Kó má fọwọ́ kan orúkọ fáìlì yìí. Àwòrán wà nínú `Media`; bí àwọn fódà inú rẹ̀ bá ń jẹ́ `GBWhatsApp Images` àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kó yí GBWhatsApp iwájú wọn padà sí orúkọ áàpù tuntun náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ yóò dé ṣùgbọ́n àwòrán yóò ṣófo.

Lẹ́yìn èyí, kó ṣí áàpù tuntun náà, kó tẹ nọ́ńbà síìmù kejì, kó gba kóòdù olóókan mẹ́fà, kó sì gbà á láyè láti rí fáìlì orí fóònù. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, áàpù yóò sọ pé òun rí àpamọ́, yóò sì fi `Restore` hàn. Ìgbà kan ṣoṣo yìí ni ó ń béèrè. Bí kò bá béèrè, tó kàn fò lọ sí ibi tí ènìyàn ti ń kọ orúkọ, kò rí nǹkan kan nìyẹn. Kó má bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bẹ́ẹ̀. Kó pa áàpù tuntun náà rẹ́, kó yẹ orúkọ fódà wò dáadáa bóyá lẹ́tà kan tàbí àlàfo kan ṣì wà níbi tí kò yẹ, kó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí mìíràn tó máa ń fà á ni nọ́ńbà: kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí fáìlì náà so mọ́ nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣe é, nọ́ńbà mìíràn kò lè ṣí i. Ìgbà tó bá ti ka ọ̀rọ̀ oníbàárà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó sì rí i pé wọ́n pé, ni kó tó pa GBWhatsApp rẹ́.

Kó má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú YoWhatsApp àti HeyMods, kó wọ `Linked devices` kó lé ẹ̀rọ tí kò bá mọ̀ jáde, kó sì tan `Two-step verification`, èyí tó fi PIN kún kóòdù SMS, kí ẹni tó bá rí kóòdù gbà má tíì lè wọlé.

Ẹni tí wọ́n lé pátápátá yóò tẹ `Request a review` nínú ojúlówó, yóò fi kóòdù SMS ẹ̀rí hàn pé òun ló ni nọ́ńbà, yóò sì kọ àlàyé díẹ̀. Kó sọ òótọ́: pé ẹ̀dà àtúnṣe ni òun ń lò, pé òun ti pa á rẹ́. Àwọn mìíràn máa ń gba àkáǹtì wọn padà, àwọn mìíràn kì í gbà á, pàápàá bí ẹ̀sùn mìíràn bá wà, bíi fífi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń polówó pé àwọn lè bá ènìyàn yọ ìlékúrò kúrò kò ní ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí èyí, bí wọ́n bá sì béèrè fún kóòdù olóókan mẹ́fà, àkáǹtì náà gan-an ni wọ́n ń béèrè.

Àwọn kan tún wà tí SMS kò tilẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí síìmù kọ̀ọ̀kan so mọ́ NIN, ọ̀pọ̀ síìmù ni wọ́n ti tì pa, bẹ́ẹ̀ ni síìmù tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. GBWhatsApp ẹni lè máa ṣiṣẹ́ lọ lórí nọ́ńbà tó ti kú láìjẹ́ pé olóhun mọ̀, nítorí dátà síìmù kejì ló ń lò. Ọjọ́ tó bá fẹ́ padà sí ojúlówó ni yóò tó rí i pé kò sí ibi tí kóòdù yóò wọlé sí. Nítorí náà, kí ènìyàn tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà mìíràn pe síìmù náà. Bí kò bá dún, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Fóònù àtijọ́ náà ní ìdènà tirẹ̀: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ojúlówó kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Android tó kéré sí 5.0.

Láàárín gbogbo ìjà yìí, ojúlówó ti gba ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń wá kiri lọ. Àwọ̀ dúdú dé ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Ní ọdún 2022 ni wọ́n kéde pé ènìyàn lè yan ẹni tí yóò rí i nígbà tó bá wà lórí áàpù. Ohun tí kò tíì dé, tí kò sì jọ pé yóò dé, ni kíka ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti pa rẹ́, nítorí ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni ìyẹn ń fọwọ́ kàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Mark Zuckerberg kéde pé WhatsApp lórí Android yóò gba àkáǹtì méjì nínú áàpù kan ṣoṣo: ènìyàn yóò wọ `Settings`, yóò tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, yóò tẹ `Add account`, yóò sì tẹ nọ́ńbà kejì. Síìmù kejì tí wọ́n ti ń fi sínú Tecno láti àárín àwọn ọdún 2000 wá rí ẹnu sọ̀rọ̀ nínú áàpù ojúlówó lẹ́yìn ohun tó ju ọdún mẹ́tàlá tí WhatsApp dé orí Android.